Fàdákà Tó Dúdú Kò Tíì Bàjẹ́

Ọ̀rọ̀ fàdákà la fẹ́ sọ lónìí: òrùka, yẹtí, ṣéènì ọrùn àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí a rà ní funfun báláú, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé lọ́jọ́ ìnáwó tí a bá fẹ́ lò ó, tí a ṣí àpótí, dúdú la óò bá a.

Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ohun tó máa ń yá ọ̀pọ̀ wa lára ni ká bu eérú, tàbí ká tẹ ọṣẹ ìfọyín sórí kànìnkànìn, ká sì máa bó o. Ó máa ń mọ́ lóòótọ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n omi dúdú tí a dà nù lẹ́yìn rẹ̀, fàdákà wà nínú rẹ̀. A kò fọ ìdọ̀tí kúrò lára fàdákà o, fàdákà gan-an la fọ̀ dànù. Ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ wò, nítorí ẹni tó bá mọ ohun tó sọ fàdákà di dúdú ni yóò mọ bí a ṣe ń dá a padà láìpa á lára.

Ẹ mọ̀ pé irin máa ń dípẹtà tí omi bá ti bà á. Fàdákà kò rí bẹ́ẹ̀. Omi lásán kì í ṣe é ní nǹkan kan, atẹ́gùn lásán náà kì í ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀tá rẹ̀ gan-an ni imí-ọjọ́. Ẹ má sì rò pé ìgbà tí a bá ra imí-ọjọ́ lọ́jà nìkan la máa ń rí i. Ó wà nínú òórùn tó ń ti kòtò ìdọ̀tí jáde, ó wà nínú òórùn ṣáláńgá, òun ló sì ń mú kí ẹyin tó bàjẹ́ máa rùn bó ṣe ń rùn. Ó wà nínú ẹyin tó dára pàápàá, ó wà nínú àlùbọ́sà, ó wà nínú rọ́bà, ó sì wà nínú irun àgùntàn tí wọ́n fi ń hun aṣọ òtútù. Ìwọ̀nba kékeré tí imú wa kò tilẹ̀ lè gbọ́ ti tó fún fàdákà.

Tí imí-ọjọ́ bá ti kan fàdákà, àwọn méjèèjì á so pọ̀ di nǹkan mìíràn, àwọ̀ nǹkan náà sì ni dúdú. Kì í dúdú lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi pé òróró gbẹ sí i lára. Lẹ́yìn náà á di búráùn, á máa dán bíi búlúù, kó tó wá dúdú pátápátá. Nítorí náà, dúdú yẹn kì í ṣe èérí tó ti ibòmíràn wá bà lé e. Fàdákà tó wà lókè pátápátá ló yí padà. Tí a bá wá fi nǹkan líle bó o, a ti bó fàdákà yẹn lọ nìyẹn. Ìpele mìíràn á bọ́ sí gbangba, òun náà á tún dúdú, a óò tún bó o. Ẹ wo òrùka àwọn àgbàlagbà tí wọ́n kọ nǹkan sí lára: bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, létà tó wà lára rẹ̀ á máa fẹ́lẹ́, títí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè kà á mọ́. Wíwọ̀ máa ń jẹ ẹ́, eérú àti ọṣẹ ìfọyín náà sì ń jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ìfọyín yìí, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Àwọn hóró wínníwínní kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń ha eyín. Eyín le, ó lè gbà á. Fàdákà rọ̀ ju eyín lọ dáadáa, kò lè gbà á. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín bó òrùka kan, ẹ gbé e sábẹ́ iná, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀: ẹ óò rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kọjá lára ara wọn. Ojú ibi tí ó ha nìyẹn. Inú àwọn ìlà wọ̀nyẹn náà sì ni èérí tuntun máa ń sá pamọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ fẹnu bà kí a tó lọ síwájú. Àwọn kan máa ń sọ pé tí òrùka fàdákà bá dúdú lọ́wọ́ ènìyàn, àìsàn ń bọ̀ ni, tàbí pé ẹnìkan ló ń dọdẹ onítọ̀hún. Ẹ fọkàn balẹ̀. Òógùn ara ènìyàn lè mú kí fàdákà tètè dúdú, òógùn tiwa kò sì rí bákan náà. Ṣùgbọ́n tí òrùka tó ti ń dán láti oṣù mélòó kan bá ṣàdédé dúdú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé, kí ni mo fi pa ara? Ọ̀pọ̀ ìpara làpálàpá àti ẹ̀yún ni imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn ọṣẹ kan náà wà tí wọ́n kọ imí-ọjọ́ sí lára páálí wọn. Ìpara tí wọ́n fi ń yọ irun ara náà ní tirẹ̀ nínú. Ẹ bọ́ òrùka sílẹ̀ kí ẹ tó lò wọ́n, ẹ fọ ọwọ́ dáadáa, kí ẹ tó tún fi í sọ́wọ́.

Ó dáa. Kí ẹnikẹ́ni tó fi omi kan fàdákà rẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tó dì mú. Fàdákà tí kò lábùlà rọ̀ jù fún òrùka, yóò máa tẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi máa ń pò ó mọ́ bàbà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n tẹ 925 sí lára. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí a bá pín in sí ọ̀nà 1,000, fàdákà ni 925, ìyókù tó jẹ́ 75 sì sábà máa ń jẹ́ bàbà. Ẹ wo inú òrùka, tàbí ibi ìkọ́ ṣéènì, ẹ óò rí i níbẹ̀, ó kéré púpọ̀, ẹ lè nílò awò. Bàbà náà máa ń dúdú, ìyẹn ló jẹ́ kí 925 tètè dúdú ju fàdákà tí kò lábùlà lọ.

Èkejì ni èyí tó jẹ́ pé idẹ tàbí bàbà ni inú rẹ̀, tí wọ́n kàn fi fàdákà bò ó lójú. Ìbòjú yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an. Ẹ wo etí rẹ̀, ẹ wo ibi tó máa ń kan ara. Tí ẹ bá rí àwọ̀ ìyeyè tàbí pupa tó ń yọjú níbẹ̀, ìbòjú rẹ̀ ti ń tán lọ nìyẹn. Ẹ má bó irú èyí rárá. Omi ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ ti tó fún un, ẹ sì má retí pé yóò dà bíi tuntun. Ẹ̀kẹta ni irin funfun kan tí wọ́n fi bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì pò. Fàdákà ni wọ́n ń pè é lọ́jà, ṣùgbọ́n fàdákà kan kò sí nínú rẹ̀. Tí etí ẹlòmíràn bá ń yún un, tó ń wú tó bá fi yẹtí sí i, níkẹ́ẹ̀lì yìí ló sábà máa ń fà á.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká mú ṣéènì kan, ká fọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá kan ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣéènì ọrùn ni, kò ní òkúta kankan, 925 sì wà níbi ìkọ́ rẹ̀. Ó ti fi ọṣẹ ìfọyín bó o títí. Ìta rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n àárín ibi tí òrùka ṣéènì kan ti kọ́ èkejì dúdú, nítorí kò sí aṣọ tàbí búrọ́ọ̀ṣì tó lè dé ibẹ̀. Omi nìkan ló lè dé ibẹ̀. Irú rẹ̀ ni ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ yìí wà fún.

Ẹ óò wá fọ́ìlì, èyí tí wọ́n fi ń wé ẹja tàbí mọ́ínmọ́ín. Ẹ óò wá békìn sódà, èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, àti iyọ̀ inú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí: kì í ṣe sódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ máa ń rà o. Ìyẹn lè jó ènìyàn lára, ó lè fọ́ni lójú, kò sì ní iṣẹ́ kankan nídìí fàdákà.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ fọ ṣéènì náà, kí òróró àti ìpara kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá fo èyí, ibi tí òróró bá wà kò ní mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú abọ́ tánganran, ẹ má lo ìkòkò. Ẹ tẹ́ fọ́ìlì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ojú yòówù kó wà lókè, bákan náà ni. Ẹ na ṣéènì sórí fọ́ìlì náà, ẹ má jẹ́ kó dì jọ sójú kan, nítorí ibi tí kò bá fara kan fọ́ìlì kò ní mọ́ tó bó ṣe yẹ. Ẹ bu sódà kún ṣíbí ìjẹun ńlá kan, ẹ bu iyọ̀ kún ṣíbí tíì kan, ẹ wọ́n wọn sí i. Kí ẹ wá rọra da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e lórí, ìwọ̀n ife tíì kan. Yóò hó yaa, ẹ má gbé ojú sún mọ́ ọn.

Láìpẹ́, ẹ óò gbọ́ òórùn ẹyin tó bàjẹ́. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ kàn ṣí fèrèsé. Imí-ọjọ́ tó ti so mọ́ fàdákà ló ń jáde lọ yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú abọ́ náà ni pé fọ́ìlì, tó jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, rọrùn láti jẹ ju fàdákà lọ. Nínú omi gbígbóná tí iyọ̀ àti sódà wà, alumíníọ́ọ̀mù ló ń jẹ, jíjẹ rẹ̀ yẹn ló sì ń gba fàdákà sílẹ̀ lọ́wọ́ imí-ọjọ́. Fàdákà tó ti di dúdú á tún padà di fàdákà, ní ojú ibi tó wà gan-an. Ẹ ò bó nǹkan kan dànù. Ìdí tí ẹ kò sì fi gbọdọ̀ lo ìkòkò náà nìyẹn: tó bá jẹ́ ti alumíníọ́ọ̀mù, ìkòkò yín ni yóò jẹ.

Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì sí márùn-ún. Ẹ fi ṣíbí onígi yí i padà, kí ìhà kejì náà kan fọ́ìlì. Tó bá ti dúdú gan-an, ó lè gbà pé kí ẹ tún un ṣe pẹ̀lú omi gbígbóná àti fọ́ìlì tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa, ẹ nù ún gbẹ, ẹ sì tẹ́ ẹ sábẹ́ fáànù títí omi tó wà láàárín rẹ̀ fi gbẹ tán. Ṣéènì ìyá yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì la ṣe é kí àárín rẹ̀ tó funfun.

Nígbà tó jáde, ìyá náà ní kò dán. Òótọ́ ni, ó funfun, ṣùgbọ́n ó ṣe bàìbàì. Bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rí, pàápàá èyí tó bá ti dúdú pẹ́. Fàdákà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà yẹn kò tíì tẹ́jú. Ẹ mú aṣọ òwú tó rọ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí a ti fọ̀ dáadáa dára, ẹ fi nù ún ní gbọọrọ, ní lílọ àti bíbọ̀, ẹ má fi yípo. Ẹ má lo ìwé ìnuwọ́, ó lè ha á. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa dán.

Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò sì yí padà ńkọ́? Ẹ wò ó bóyá omi ti tutù, bóyá kò kan fọ́ìlì, tàbí bóyá òróró ṣì wà lára rẹ̀. Tí kò bá sí ọ̀kan nínú wọn, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ fàdákà rárá, tàbí kó jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló sọ ọ́ di dúdú. Omi ìfọṣọ tó ń sọ aṣọ di funfun, tí à ń pè ní jíìkì, lè dá àpá sí fàdákà lára, ó sì lè jẹ ojú rẹ̀ wọnú. Abọ́ fọ́ìlì kò lè dí ihò tó bá ti jẹ. Alágbẹ̀dẹ ni kí ẹ gbé irú rẹ̀ lọ bá.

Ọ̀nà yìí kò wà fún gbogbo fàdákà o. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa tó jẹ́ mùsùlùmí, òrùka fàdákà ni wọ́n ń fi sọ́wọ́, nítorí ẹ̀sìn wọn kò gba ọkùnrin láyè láti lo wúrà. Òkúta pupa ló sì sábà máa ń wà lórí òrùka tí wọ́n bá mú ti Mẹ́kà bọ̀. Ẹ má gbé irú òrùka bẹ́ẹ̀ sínú omi gbígbóná. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ òkúta ẹlòmíràn, ooru á tú u. Òkúta mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé aró ni wọ́n rẹ ẹ́ sí kó tó pọ́n. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ ẹ̀kán kan, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé tó rọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ fi fọ abẹ́ òkúta náà, níbi tí ọṣẹ ìwẹ̀ máa ń gbẹ sí. Ẹ má rẹ ẹ́, ẹ kàn fọ̀ ọ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ kíákíá.

Ti iyùn tún le ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ iyùn ìyàwó ló ní ìkọ́ fàdákà lẹ́yìn ọrùn. Iyùn kì í ṣe òkúta líle, inú òkun ló ti dàgbà, ohun kan náà tó wà nínú karawun ìgbín ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà máa ń jẹ ẹ́. Tí ẹ bá kán ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, ibẹ̀ á hó wínníwínní, dídán rẹ̀ á sì lọ, kò tún ní padà mọ́. Nítorí náà, ẹni tó máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ fàdákà, kó jìnnà sí iyùn àti péálì. Ìkọ́ nìkan ni kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù, kí ẹ má jẹ́ kí omi rin òwú tí wọ́n fi sín in.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fàdákà tí alágbẹ̀dẹ mọ̀ọ́mọ̀ sọ di dúdú nínú kòtò iṣẹ́ ọnà rẹ̀, kí iṣẹ́ náà lè hàn. Abọ́ fọ́ìlì á sọ gbogbo rẹ̀ di funfun, iṣẹ́ ọnà náà á pòórá. Èyí tó sì jẹ́ bọ́ọ̀lù oníhò nínú, omi á wọ inú rẹ̀, kò ní jáde. Aṣọ nìkan ni ti àwọn méjèèjì.

Ó ku bí a kò ṣe ní jẹ́ kí fàdákà tètè dúdú. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé fàdákà tí a ń lò déédéé kì í tètè dúdú tó èyí tí a tọ́jú pamọ́, nítorí ara àti aṣọ ń nù ún lójoojúmọ́. Tí ẹ bá ń múra, ẹ kun ìpara, ẹ fín lọ́fínńdà, ẹ fi fàdákà ṣe àṣekẹ́yìn. Tí ẹ bá dé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́. Ẹ fi aṣọ nu òógùn kúrò lára rẹ̀ kó tó wọ àpótí. Ẹ bọ́ òrùka kí ẹ tó bó ẹyin, kí ẹ tó gé àlùbọ́sà, kí ẹ tó fọwọ́ kan jíìkì.

Èyí tí a fẹ́ tọ́jú pamọ́, atẹ́gùn ni ká má jẹ́ kó rí i. Ẹ wá náílọ́ọ̀nù kékeré tó ṣeé tẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ẹyọ kan ni kó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà ha ara wọn. Ẹ fọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí ẹ tó pa á. Tó bá jẹ́ àsìkò òjò, ẹ fi àpò kékeré oníhóró tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun sí i, yóò máa fa ọ̀rinrin mu. Ẹ má fi rọ́bà dì í, ẹ má fi ìwé ìròyìn wé e, ẹ má sì kó o mọ́ aṣọ òtútù onírun àgùntàn, nítorí inú wọn náà ni imí-ọjọ́ wà.

Kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, aṣọ rírọ̀ ti tó o, kò tíì nílò fọ́ìlì. Ìgbà tó bá dúdú débi tí aṣọ kò lè mú un mọ́ ni kí ẹ tó gbé abọ́. Ibi tí a ó ti dá ọ̀rọ̀ dúró nìyí lónìí.